Ọjọ́ tí ó yẹ kí oògùn apakòkòrò òtútù àyà dúró: bí a ṣe ń fi àyẹ̀wò PCT mọ̀ ọ́n

Ibi tí wọ́ọ̀dù ti sábà máa ń kùnà nínú ìtọ́jú òtútù àyà kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Bí aláìsàn bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ wọlé, kò sẹ́ni tí ó ń jiyàn: a ṣí iṣan, abẹ́rẹ́ wọlé. Ọjọ́ karùn-ún ni wàhálà. Ibà ti lọ, ó ti ń mu ẹ̀kọ, ó ti ń bi nọ́ọ̀sì léèrè ìgbà tí òun ń lọ sílé. Síbẹ̀ a ó tún kọ ọ́ sínú káàdì oògùn pé kí abẹ́rẹ́ máa lọ títí yóò fi pé ọjọ́ méje, a ó sì di oògùn oníhóró ọlọ́jọ́ méje mìíràn lé e lọ́wọ́ bí ó bá ń lọ. Bí ẹ bá bi ẹni tí ó kọ ọ́ pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ mẹ́rìnlá, ẹ kò ní rí èsì kan gbòógì gbà.

Àwọn kan ti gbọ́ nípa àyẹ̀wò PCT, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó máa ń gòkè bí bakitéríà bá wọ ara, wọ́n sì ti ń kọ ọ́ fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ṣe é, ní ọjọ́ tí kò yẹ, wọn kò sì tíì pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ fi èsì rẹ̀ ṣe. Owó lọ, oògùn kò dúró. Ohun tí mo kọ síbí ni bí a ṣe ń lò ó láti dá oògùn dúró lásìkò, fún àgbàlagbà tí òtútù àyà mú láti ilé tí a sì gbà sí wọ́ọ̀dù lásán. Kì í ṣe ti ọmọdé, kì í sì í ṣe ti ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí. Dókítà, nọ́ọ̀sì àti apòògùn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ń gba ìtọ́jú, ẹ má fi èyí dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ gbé e tọ dókítà yín lọ.

## Ohun tí ẹ ó nílò

Èkíní ni láàbù tí ó lè fún yín ní iye gan-an, tí èsì rẹ̀ sì ń jáde lọ́jọ́ kan náà. Àwọn pátákó kékeré kan wà tí ó kàn máa ń fi àwọ̀ hàn pé PCT pọ̀ tàbí kò pọ̀. Ìyẹn kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí, nítorí ìṣirò ni a fẹ́ ṣe. Láàbù kan náà sì ni kí ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó má lọ jẹ́ pé ẹ̀rọ méjì tí kò bára mu ni ẹ fi ń wọn ohun kan. Lórí ìwé èsì, ẹ ó rí `ng/mL` tàbí `µg/L`. Iye kan náà ni méjèèjì, ẹ má yí i padà.

Èkejì ni owó àyẹ̀wò mẹ́ta sí mẹ́rin, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ bá ará ilé sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ṣàlàyé fún wọn pé àyẹ̀wò kan ṣoṣo kò ní sọ nǹkan kan fún wa. Bí owó ọ̀kan péré ni ó wà, ẹ má ṣe é rárá. Ọ̀nà mìíràn wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ nílò tẹmómítà, ẹ̀rọ ìfúnpá, ẹ̀rọ tí a ń fi há ìka láti mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, aago tí ó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá, fọ́tò èkísíréè àyà, àti àyẹ̀wò ibà. Ẹ má fojú fo àyẹ̀wò ibà yẹn.

Ohun kan péré ni ẹ nílò láti mọ̀ nípa PCT fúnra rẹ̀. Pirokalisitónìnì ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ẹni tí ara rẹ̀ le kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ní i nínú ẹ̀jẹ̀. Bí bakitéríà bá wọ ara, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara ni yóò máa tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, yóò dé ṣóńṣó ní nǹkan bí ọjọ́ kan. Bí oògùn bá sì ti ṣẹ́gun bakitéríà náà, iye rẹ̀ yóò máa já sí ìdajì ní nǹkan bí wákàtí mẹ́rìnlélógún. Bí ó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì ni, ohun tí ara ń tú jáde láti bá fáírọ́ọ̀sì jà a máa tẹ PCT rì. Ìjásí-ìdajì lójoojúmọ́ yìí ni gbogbo ohun tí a máa ṣe dúró lé.

## Ìpele 1: Ẹ wò ó bóyá ọ̀nà yìí bá aláìsàn náà mu

Ẹni tí ọ̀nà yìí wà fún ni àgbàlagbà tí ó ń wúkọ́, tí ibà wà lára rẹ̀, tí mímí rẹ̀ yára, tí òjìji tuntun sì hàn nínú fọ́tò àyà rẹ̀.

Àwọn kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fi PCT gé oògùn wọn kúrú, bí iye náà ti wù kó wálẹ̀ tó: ẹni tí ọyún ti gbá jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tàbí sínú àpò tí ó yí ẹ̀dọ̀fóró ká, ẹni tí láàbù ti rí kòkòrò sitafilokọ́kọ́ọ̀sì nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti pa sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ run, àti ẹni tí kòkòrò HIV ti sọ agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ di yẹpẹrẹ. Àìsàn àwọn wọ̀nyí ní iye ọjọ́ tirẹ̀, a kì í sì í fi àyẹ̀wò dín in kù.

Níbi tí àwa wà, ohun méjì ni ó ń tan wọ́ọ̀dù jẹ jù. Ibà ni àkọ́kọ́. Ibà tí kòkòrò fálísípárọ́ọ̀mù fà lè gbé PCT sókè gan-an láìsí bakitéríà kankan. Nítorí náà, bí àyẹ̀wò ibà bá fi kòkòrò hàn, ẹ má sọ pé PCT 6 fi hàn dájú pé bakitéríà wà. Ẹ tọ́jú ibà, ẹ tọ́jú àyà bí àyà bá fi àmì hàn, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ohun méjì ni ó lè máa ti iye yẹn sókè.

Ikọ́ fée ni èkejì, òdìkejì ibà sì ni. PCT ẹni tí ikọ́ fée ń ṣe sábà máa ń kéré. Mo ti rí i tí wọ́n rí 0.1 lórí ìwé èsì ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ti ń wúkọ́ fún oṣù kan ààbọ̀, tí wọ́n ní “fáírọ́ọ̀sì ni,” tí wọ́n sì ní kí ó máa lọ sílé. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí ó ń làágùn lóru, tí ó ń rù, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ fún àyẹ̀wò ikọ́ fée, ohun yòówù tí PCT bá sọ. Ẹ má sì fún un ní lẹfofulọ́sásìnì kí èsì tó dé, nítorí oògùn yẹn lè rọ ikọ́ fée lọ́jọ́ díẹ̀ kí ó sì fi í pamọ́ fún wa.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta láìwo ìwé: ṣé òjìji wà nínú fọ́tò, kí ni àyẹ̀wò ibà sọ, ọjọ́ mélòó ni ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀?

## Ìpele 2: Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má dúró de èsì

Ìgbà tí ẹ bá ń ṣí iṣan ni kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ PCT, àti ti gbígbin kòkòrò bí ìyà bá ń jẹ aláìsàn náà púpọ̀. Lẹ́yìn náà kí abẹ́rẹ́ oògùn wọlé. Ẹ má dúró de PCT kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìkìlọ̀ tí ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo èyí nìyí. Ẹni tí ó ní òjìji nínú fọ́tò tí ara rẹ̀ kò sì dá, ẹ má torí pé PCT àkọ́kọ́ kéré kí ẹ má fún un lóògùn. Ìtọ́sọ́nà tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn àyà àti ti àrùn àkóràn ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2019 sọ ọ́ gbangba pé PCT kò tó láti fi dá ìbẹ̀rẹ̀ oògùn dúró nínú òtútù àyà tí èkísíréè ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èmi fúnra mi kọ́ ọ lọ́nà tí ó dùn mí. Ọkùnrin kan dé ní nǹkan bí wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n jìnnìjìnnì. PCT rẹ̀ jẹ́ 0.18. Mo ní kí a dúró dàárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ó ti di 7, ìfúnpá rẹ̀ sì ti ń já. Àyẹ̀wò náà kò purọ́. Wákàtí mẹ́rin tí iye náà fi máa ń gòkè ni kò tíì pé. Ó yè é, ṣùgbọ́n oru yẹn kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ẹ tún gba ẹ̀jẹ̀ PCT bí ó bá jẹ́ pé àìsàn náà kò tíì ju ọjọ́ kan lọ nígbà tí aláìsàn dé. Ìdí ni pé ó ṣeé ṣe kí iye náà ṣì máa gòkè nígbà tí ẹ gba ti àkọ́kọ́. Láti ṣóńṣó ni a ti ń ka ìsọ̀kalẹ̀, kì í ṣe láti ibi tí a ti kọ́kọ́ bá a. Bí aláìsàn bá ti ṣàìsàn fún ọjọ́ mẹ́ta nílé kó tó dé, ẹ lè fo ti ọjọ́ kejì yìí, kí ẹ fi owó rẹ̀ pa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú aláìsàn kan wá tí a ó máa bá lọ títí dé òpin. Ẹ pè é ní Ìyá Aláṣọ, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé e dé. Ara líle ni ó fi ta ọjà láàárọ̀, ọ̀sán ni òtútù gbé e. Ìwọ̀n ìgbóná ara rẹ̀ 39.4, ó ń mí ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ́síjìn rẹ̀ 88, òjìji funfun ní ìsàlẹ̀ àyà ọ̀tún, àyẹ̀wò ibà kò rí kòkòrò kankan. A bẹ̀rẹ̀ sẹfitiráásónì 2 gíráàmù lóòjọ́ pẹ̀lú asitiromáísìnì. PCT alẹ́ ọjọ́ Ajé jẹ́ 3.2. Ti ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ 4.8. Ẹ fi 4.8 yẹn sọ́kàn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: wákàtí tí a gba ẹ̀jẹ̀ àti wákàtí tí oògùn àkọ́kọ́ wọlé wà lórí káàdì. Bí ẹ kò bá kọ wọ́n, ẹ kò ní mọ ohun tí iye náà ń sọ.

## Ìpele 3: Ẹ kọ ọjọ́ àtúnyẹ̀wò sára káàdì oògùn

Ìpele yìí kúrú, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń fò jù. Lójú ìlà tí ẹ kọ sẹfitiráásónì sí, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: “Àtúnyẹ̀wò ọjọ́ 3, Ọjọ́rú. Àtúnyẹ̀wò ọjọ́ 5, Ẹtì.” Ọjọ́ tí oògùn àkọ́kọ́ wọlé ni ọjọ́ 1. Ti Ìyá Aláṣọ, ọjọ́ Ajé ni. Bí ẹ kò bá jọ fẹnu kò lórí èyí, ẹnìkan yóò máa ka Ìṣẹ́gun sí ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹlòmíràn yóò máa ka Ajé.

Bí kò bá sí ọjọ́ lórí káàdì, nọ́ọ̀sì alẹ́ yóò máa fún un lóògùn lọ, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó fún un ní ohun tí a kọ. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nọ́ọ̀sì tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òmíràn lè sọ ọjọ́ àtúnyẹ̀wò láìbi dókítà.

## Ìpele 4: Ní ọjọ́ 3 àti ọjọ́ 5, ara ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ má ṣí ìwé èsì láàbù kí ẹ tó dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ẹni tí ó bá ti rí iye tí ó dára, ojú rẹ̀ kì í ríran dáadáa mọ́. Ẹ dúró tì í, ẹ ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ó má mọ̀ pé ẹ ń kà á. Kíkà fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí a wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin ni ó ń bí iye 20 tí ó kún inú gbogbo káàdì.

A sọ pé ara ti balẹ̀ bí gbogbo àwọn wọ̀nyí bá pé:

- ìgbóná ara kò ju 37.8 lọ
- ìlù ọkàn kò ju 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan
- mímí kò ju 24 lọ ní ìṣẹ́jú kan
- ìfúnpá òkè kò dín ní 90
- ọ́síjìn kò dín ní 90 láìfi ọ́síjìn sí i nímú
- ó ń jẹun, ó ń mu omi, ó sì ń sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́

Fún ìgbóná ara, mo fẹ́ kí ó ti wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjìdínláàádọ́ta, láìsí parasitamọ́ọ̀lù tí ń fi í pamọ́. Ẹ bi aláìsàn léèrè, ẹ sì bi ẹni tí ń ṣọ́ ọ pẹ̀lú. Parasitamọ́ọ̀lù tí ará ilé fi sábẹ́ ìrọ̀rí kì í sí lórí káàdì.

Ikọ́ kò sí nínú àwọn àmì yìí. Òjìji inú fọ́tò náà kò sí níbẹ̀. Méjèèjì ni ó máa ń pẹ́ lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú, àwọn ni wọ́n sì máa ń fi gbèjà ọjọ́ mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 3, Ìyá Aláṣọ ṣì ń mí ní ìgbà 26, ọ́síjìn rẹ̀ sì ń já sí 89 bí a bá yọ ọ̀pá ọ́síjìn kúrò nímú rẹ̀. PCT jẹ́ 2.6. Ara kò tíì balẹ̀, iye kò tíì já tó. Oògùn ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ó ti ń sọ̀kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìdajì lóòjọ́ bó ṣe yẹ. Ìyẹn sọ fún wa pé oògùn tí a yàn ń ṣiṣẹ́, a kò nílò láti pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ara aláìsàn kan bá ti balẹ̀ pátápátá ní ọjọ́ 3, tí òtútù àyà rẹ̀ kò sì le láti ìbẹ̀rẹ̀, tí PCT rẹ̀ ti wà lábẹ́ 0.25, ó ṣeé ṣe kí ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà. Ìwádìí kan láti Faransé, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2021, fi ọjọ́ mẹ́ta wé ọjọ́ mẹ́jọ nínú àwọn aláìsàn wọ́ọ̀dù tí ara wọn ti balẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Àwọn ọlọ́jọ́ mẹ́ta kò sì ṣe burúkú ju àwọn ọlọ́jọ́ mẹ́jọ lọ. Fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ le bíi ti Ìyá Aláṣọ, èmi kì í dúró ṣáájú ọjọ́ 5.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ti kọ àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ kí ẹ tó béèrè èsì láàbù.

## Ìpele 5: Ẹ ṣe ìṣirò

Òfin méjì ni, ọ̀kan nínú wọn sì tó. PCT ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 0.25, tàbí ó ti já ní ìdá 80 nínú 100 ó kéré tán láti ṣóńṣó rẹ̀. Fún ẹni tí ó wà ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe, 0.5 ni wọ́n ń lò dípò 0.25.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 5, PCT Ìyá Aláṣọ jẹ́ 0.7. Bí ẹ bá wo 0.25 nìkan, ẹ ó ní kò tíì yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é báyìí:

```
(4.8 - 0.7) / 4.8 × 100 = 85
```

Ó ti já ní ìdá 85. Ó ti kọjá 80. Ẹ wá wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní a kò gba ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ó jẹ́ 3.2 alẹ́ Ajé ni a fi ṣe ìpìlẹ̀:

```
(3.2 - 0.7) / 3.2 × 100 = 78
```

Ìdá 78, kò pé. À bá tún fún un ní ọjọ́ méjì sí i láìnídìí. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ san owó ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kejì fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, ní pàtàkì ẹni tí ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀, PCT rẹ̀ kì í sábà dé 0.25 kódà nígbà tí ara rẹ̀ le. Ìjálẹ̀ ìdá 80 ni kí ẹ wò fún un, kí ẹ gbàgbé 0.25. Bákan náà ni fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá, tí ó jóná tàbí tí ọkọ̀ gbá: ìpalára fúnra rẹ̀ a máa gbé PCT sókè.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹlòmíràn ti tún ìṣirò náà ṣe, iye tí ó ga jù lọ ni ẹ sì fi pín in.

## Ìpele 6: Ẹ dá a dúró ní ti gidi

Ara balẹ̀, iye já: méjèèjì gbọ́dọ̀ pé. Bí ara bá balẹ̀ ṣùgbọ́n tí iye kò já, ẹ wá ìdí rẹ̀. Bí iye bá já ṣùgbọ́n tí ara kò balẹ̀, ẹ tẹ̀lé ara.

Ìyá Aláṣọ ń mí ní ìgbà 20, ọ́síjìn rẹ̀ 95 láìsí ọ̀pá nímú, ọjọ́ méjì gbáko ni ibà ti lọ. A fa ìlà gba orí oògùn lórí káàdì, a kọ ọjọ́ àti wákàtí, a fọwọ́ sí i. A yọ abẹ́rẹ́ ojú iṣan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ náà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ẹnìkan yóò rí ibi tí oògùn tún lè gbà wọlé.

Ibi tí a ti ń ṣubú jù ní ìpele yìí ni oògùn tí a ń dì fún wọn lọ sílé. Ọmọbìnrin Ìyá Aláṣọ dúró níwájú mi, ó ní, “Dókítà, ẹ ò ní fún wọn ní kápúsù kankan? Wọ́n ní téèyàn ò bá parí oògùn, àrùn á tún padà.” Mo jókòó tì í, mo ní, “Ìyá ti parí tiwọn. Márùn-ún ni iye ọjọ́ wọn. Ẹ wo ìwé yìí: 4.8 ló wà níbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 0.7 ló kù lónìí. Ohun tó ń gbé e sókè ti kú.” Ó gba ìwé náà, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè ohun tí ìyá òun lè máa jẹ. Ní wọ́ọ̀dù wa, iye tí a lè fọwọ́ kàn lórí ìwé máa ń fi ará ilé lọ́kàn balẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu wa lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kò sí oògùn apakòkòrò nínú ìwé tí ó gbé lọ sílé, ìwé náà sì sọ ìdí tí a fi dá a dúró, kí dókítà mìíràn má lọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

## Bí iye náà bá kọ̀ tí kò wálẹ̀

Ìwà tí ó wọ́pọ̀ ni kí a fi oògùn tí ó lágbára sí i kún un. Ẹ kọ́kọ́ dúró ná. Baba kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí PCT rẹ̀ jẹ́ 6.1 ní ọjọ́ àkọ́kọ́, 5.4 ní ọjọ́ 3, 5.9 ní ọjọ́ 5. Ibà rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Wọ́n ti fẹ́ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí èyí tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún. Mo fi ìka kan àyà rẹ̀ lẹ́yìn, lápá òsì nísàlẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí a kan igi. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo aboyún ni a gbé lé e, a rí omi tí ó nípọn nínú àpò ẹ̀dọ̀fóró. Abẹ́rẹ́ tí a fi fà á wò, ọyún ni ó jáde. A fi ọ̀pá sí i, ó dà jáde, láàárín ọjọ́ méjì PCT ti já sí 2.3. Oògùn náà dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọyún ni kò jẹ́ kí ó ráyè ṣiṣẹ́. Baba náà sì kúrò nínú àwọn tí a ń gé oògùn wọn kúrú.

Nítorí náà, bí PCT kò bá já ní ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 5, ohun tí ẹ ó wá ni ọyún ní àyà, orísun mìíràn bíi ìtọ̀ tàbí iṣan tí abẹ́rẹ́ ti mú wú, ibà tí a kò tíì tọ́jú, tàbí kòkòrò tí oògùn náà kò ràn. Ẹ wá wọn tẹ̀léra bẹ́ẹ̀.

## Bí owó àyẹ̀wò kò bá sí

Ẹ lo ìpele 4 nìkan. Bí ara bá ti balẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ dúró ní ọjọ́ 5. Ẹ̀rí wà fún èyí láìsí PCT rárá.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí agbára àyẹ̀wò náà mọ. Nínú ìwádìí ProHOSP ní Swísàlándì, tí ó jáde lọ́dún 2009, àwọn tí wọ́n fi PCT darí ìtọ́jú wọn lo oògùn fún ọjọ́ 5.7 ní ìṣirò àárín, àwọn tí wọ́n tọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lò ó fún ọjọ́ 8.7. Nínú ìwádìí ProACT ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018, 4.2 àti 4.3 ni: kò sí ìyàtọ̀. Bí èmi ṣe rí i ni pé níbi tí dókítà ti ń fúnni lóògùn ọjọ́ díẹ̀ tẹ́lẹ̀, iye orí ìwé kò ní ohun púpọ̀ láti gé kúrò. Níbi tí ọjọ́ mẹ́wàá ti jẹ́ àṣà, ó ní i. Bí owó aláìsàn bá jẹ́ ti oúnjẹ tàbí ti PCT, ẹ jẹ́ kí ó jẹun.

## Ìpele 7: Lẹ́yìn tí ó ti dúró

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ fi aláìsàn sí wọ́ọ̀dù títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i láìsí oògùn. Kò pọn dandan fún ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ tí ẹnìkan sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ sọ àmì mẹ́ta tí ó gbọ́dọ̀ gbé e padà wá lójú ẹsẹ̀: ibà tuntun, èémí tí ó tún ń sá, tàbí ọ̀rọ̀ tí kò lọ geere mọ́. Ẹ fún un ní nọ́ńbà tí ẹnìkan yóò gbé.

Ọjọ́ kẹwàá ni Ìyá Aláṣọ pè. Ó ṣì ń wúkọ́, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ bó bá gun àtẹ̀gùn. Aládùúgbò rẹ̀ kan ti bá a ra kápúsù. Mo bi í léèrè ibà: kò sí. Ó sọ̀rọ̀ gígùn kan láìdúró mí. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti funfun. Mo ní kí ó fi kápúsù náà sílẹ̀, pé ikọ́ lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó lọ tán, agara náà sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kò ya fọ́tò àyà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí òjìji ì bá ṣì wà níbẹ̀, ìbá sì dẹ́rù bà wá lásán. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni a yà á, torí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, a sì fẹ́ rí i pé kò sí kókó jẹjẹrẹ tàbí ikọ́ fée lábẹ́ òjìji yẹn. Àyà mọ́ tónítóní. Ó ní kí n wá yan aṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù òun.